K-means: bí a ṣe ń yan iye ọ̀wọ́, àti ìdí tí èsì fi ń yí padà

Ẹni tó bá ti fi k-means ṣiṣẹ́ gidi rí mọ ìyọnu méjì yìí. Èkíní ni pé ẹ pín dátà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta lánàá, ẹ tún dátà kan náà pín lónìí, àwọn tó wà ní ọ̀wọ́ kìíní sì ti bá ara wọn ní ọ̀wọ́ kẹta. Kódà, àwọn kan ti fi àwọn tí wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Èkejì ni pé ọ̀gá wo iṣẹ́ yín, ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Ṣé kò lè jẹ́ márùn-ún ni?" Ẹ ò sì rí nǹkan kan sọ ju pé mẹ́ta ló wù yín lọ.

Èkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ yanjú. Wọ́n á ya gíráàfù, wọ́n á ka nọ́ńbà, wọ́n á mú iye kan. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń dojú rú, torí pé gbogbo ohun tí a fi ń yan iye ọ̀wọ́ ló dúró lórí èsì tí k-means gbé jáde. Bí èsì yẹn bá jẹ́ ti oríire, iye tí a yàn á jẹ́ ti oríire bákan náà. Èyí tó ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mú dúró, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé mélòó.

## Àmì mẹ́rin péré

Iṣẹ́ k-means kò ṣòro láti sọ. Ẹ fún un ní iye ọ̀wọ́ tí ẹ fẹ́, tí a ń pè ní k. Yóò yan ibi k láti fi ṣe àárín ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà dátà kọ̀ọ̀kan á lọ bá àárín tó sún mọ́ ọn jù. Lẹ́yìn náà, àárín kọ̀ọ̀kan á sún lọ sí agbedeméjì àwọn tó wá bá a. Ó di kí ìlà kọ̀ọ̀kan tún wo àárín tó sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí tí kò fi ní sí ẹni tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni mọ́. Stuart Lloyd ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Bell Labs ní 1957, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1982 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. James MacQueen ló lo orúkọ k-means ní 1967.

Ohun tó ń lé kiri ni pé kí ìjìnnà ìlà kọ̀ọ̀kan sí àárín ọ̀wọ́ rẹ̀ kéré. A ó fi ìjìnnà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (ìjìnnà 4 á di 16), a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àròpọ̀ yìí ni scikit-learn ń pè ní `inertia_`. Gbogbo ìyípo tí k-means bá ṣe, yálà kí àròpọ̀ yẹn dín kù tàbí kó dúró síbi tó wà. Kì í lọ sókè. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń parí. Àmọ́ pé ó parí kò sọ pé ó ti dé ibi tó kéré jù lọ. Ẹ jẹ́ ká rí i lójú.

Ẹ mú bébà, kí ẹ sàmì sí ibi mẹ́rin: A ní (0, 0), B ní (0, 1), D ní (4, 0), E ní (4, 1). Ọmọdé pàápàá á sọ fún yín pé A àti B ló jọ wà lápá òsì, D àti E lápá ọ̀tún. Ọ̀wọ́ méjì la fẹ́, a sì ní kí k-means fi àmì méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe àárín ìbẹ̀rẹ̀.

Ká ní ó bọ́ sórí A àti D. B á lọ bá A, E á lọ bá D. Àárín méjèèjì á sún sí (0, 0.5) àti (4, 0.5). Àmì kọ̀ọ̀kan wá jìnnà sí àárín rẹ̀ ní 0.5, èyí tó di 0.25 nígbà tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ọ̀nà mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 1. Inertia jẹ́ 1. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ká wá ní ó bọ́ sórí A àti B ńkọ́? D á wá ẹni tó sún mọ́ ọn, A ni yóò rí, torí pé wọ́n jọ wà nísàlẹ̀. E á bá B lọ lókè. Agbedeméjì A àti D jẹ́ (2, 0), ti B àti E jẹ́ (2, 1). K-means á tún yẹ̀ ẹ́ wò: A jìnnà sí (2, 0) ní 2, ó sì jìnnà sí (2, 1) ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kò ní kúrò. Bákan náà ni ti àwọn mẹ́ta yòókù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí lọ, iṣẹ́ parí. Ìjìnnà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2, ó di 4, ọ̀nà mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 16. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún èyí tó dáa, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò. Kò sí ìkìlọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. K-means fúnra rẹ̀ gbà pé òun ti ṣe é tán.

Ohun tó fa ìyípadà láti ìgbà dé ìgbà nìyẹn: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu ibi tó máa há sí. Nínú àmì mẹ́rin yìí, ọ̀nà mẹ́fà ló wà láti mú méjì, méjì nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (A pẹ̀lú B, D pẹ̀lú E) ló sì ń já sí 16. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ retí kó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní 2007, David Arthur àti Sergei Vassilvitskii mú ọ̀nà kan wá tí wọ́n pè ní k-means++. Ó máa ń mú àárín àkọ́kọ́ bó ṣe bọ́ sí i, ṣùgbọ́n kó tó mú èkejì, ó máa ṣẹ́ gègé, ó sì máa ń fún àmì tó bá jìnnà ní gègé púpọ̀. Bí A bá ni àkọ́kọ́, B ní gègé 1, D ní 16, E ní 17, àpapọ̀ 34. Kí B tó bọ́ sí i láti ba iṣẹ́ jẹ́, ìgbà kan ṣoṣo nínú 34 ni. Láti ẹyọ kan nínú mẹ́ta sí ẹyọ kan nínú 34, ìyàtọ̀ ńlá ni, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé kò tíì di òfo.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwọ̀n àwọn òpó

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀. Bí òpó kan bá jẹ́ ọjọ́ orí, tí òmíràn jẹ́ náírà tí èèyàn ná lóṣù, ìyàtọ̀ ọgbọ̀n ọdún àti ìyàtọ̀ ọgbọ̀n náírà ọgbọọgba ni lójú k-means. Náírà á gbé ọjọ́ orí mì, ọ̀wọ́ yín á sì jẹ́ ọ̀wọ́ ìnáwó nìkan. Ẹ fi `StandardScaler` sọ gbogbo òpó di ìwọ̀n kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àyàfi tí gbogbo wọn bá ti wà ní ìwọ̀n kan náà, tí ẹ sì fẹ́ kí èyí tó ń yàtọ̀ jù sọ̀rọ̀ jù.

Dátà tí mo fẹ́ lò níbí wà ní ìwọ̀n kan náà. Òdòdó iris ni, 150 òdòdó, oríṣi mẹ́ta, àádọ́ta-àádọ́ta: setosa, versicolor àti virginica. Edgar Anderson ló kó o jọ, Ronald Fisher ló lò ó nínú ìwé rẹ̀ ní 1936. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n wọ̀n lára òdòdó kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà: gígùn àti fífẹ̀ ewé òdòdó, àti gígùn àti fífẹ̀ ewé tó gbé òdòdó náà dúró láti ìsàlẹ̀. Mo mú un torí pé a mọ ìdáhùn rẹ̀ ṣáájú, a lè fi yẹ k-means wò bóyá òótọ́ ló ń sọ.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ìyípadà gidi ni?

Kí ẹ tó pariwo pé èsì yí padà, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé nọ́ńbà ọ̀wọ́ kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọ̀wọ́ 0 lánàá lè di ọ̀wọ́ 2 lónìí, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ má sì yí rárá. Orúkọ ló yí padà, agbo kò yí. Ẹni tó bá fi òpó nọ́ńbà wé òpó nọ́ńbà á rò pé gbogbo nǹkan ti túká.

Ohun tí a fi ń wò ó ni `adjusted_rand_score`. Kì í wo nọ́ńbà, ó máa ń wo ìlà dátà ní méjì-méjì: ṣé àwọn méjì yìí jọ wà nínú ọ̀wọ́ kan lánàá, ṣé wọ́n ṣì jọ wà lónìí? Bí ó bá jẹ́ 1, ìpín méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Bí ó bá wà lẹ́bàá 0, ìbáramu wọn kò ju ti ẹni tó ń fọ́jú pín lọ.

Ẹ tún fi `inertia_` tì í. Bí inertia bá dọ́gba tí rand score sì jẹ́ 1, orúkọ nìkan ló yí. Bí inertia bá yàtọ̀ jìnnà, ọ̀kan nínú wọn há síbi tí kò yẹ, bíi 16 wa lẹ́ẹ̀kan. Bí inertia bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ṣùgbọ́n tí rand score wá sílẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ náà lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: dátà náà gba ìpín méjì tó yàtọ̀ síra, kò sì fi ọ̀kan ṣe ààyò. Irú èyí, ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́ rẹ̀ wà, k ni.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kó gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà

Ẹ ṣe èyí lórí iris kí ẹ rí i fúnra yín:

```python
from sklearn.datasets import load_iris
from sklearn.cluster import KMeans

X = load_iris().data
for i in range(50):
    km = KMeans(n_clusters=3, init="random",
                n_init=1, random_state=i).fit(X)
    print(i, round(km.inertia_, 2))
```

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa tẹ̀ jáde ni 78.85 tàbí 78.86. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra ní ti òdòdó kan tó wà lẹ́nu ààlà, kò yẹ kó pa oorun ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láàárín wọn, 142.75 àti àwọn tó sún mọ́ ọn á máa yọjú. Kí ló wà nínú 142.75? K-means gé setosa sí méjì: 33 dúró lọ́tọ̀, 17 lọ bá versicolor mẹ́rin ṣe ọ̀wọ́ kan. Versicolor 46 yòókù àti gbogbo virginica 50 ni ó kó pọ̀ sójú kan, 96. Ẹni tó bá gbé èyí lọ fún onímọ̀ ewéko, wọ́n á lé e síta.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àmì mẹ́rin. Àárín méjì ló bọ́ sáàárín setosa, ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ewé òdòdó setosa kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 1.9 lọ, ti versicolor tó kúrú jù sì jẹ́ 3.0. Àlàfo gidi wà láàárín wọn. Ó ṣòro fún àárín kan láti fo àlàfo bẹ́ẹ̀, torí pé agbedeméjì àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè sún lọ, púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ setosa. Bí a bá mú òdòdó mẹ́ta nínú 150 láìwojú ẹnikẹ́ni, nǹkan bí ìgbà 22 nínú 100 ni méjì gééré á jẹ́ setosa. Kì í ṣe gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́, ó kàn jẹ́ pé ewu ti wọlé nìyẹn.

Bí k ṣe ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀, ó sì yára ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ rò ó pé dátà yín ní ọ̀wọ́ k tó dọ́gba, tí wọ́n sì jìnnà síra. Kí àárín ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sínú ọ̀wọ́ tirẹ̀, bí k bá jẹ́ 3, ìgbà 22 nínú 100 ni. Bí ó bá jẹ́ 5, kò tó ìgbà 4 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 10, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú nǹkan bí 2,750. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọ̀wọ́ mẹ́wàá, tó sì ń fi `init="random"` gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi `init="k-means++"` sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì máa ń gbé `n_init` sókè sí 50. K-means á ṣe é nígbà 50, yóò mú èyí tí inertia rẹ̀ kéré jù wá. Kí n tó gbà pé 50 tó, mo máa ń fi `random_state` méjì tàbí mẹ́ta tó yàtọ̀ ṣe é. Bí gbogbo wọn bá dé orí inertia kan náà, ó tó. Bí wọn ò bá dé, mo tún gbé e sókè.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe láìsọ fún yín. Ní scikit-learn, `n_init` tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan jẹ́ 10 tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀dà 1.4 ni ó ti di `"auto"`, tó túmọ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo bí ẹ bá ń lo k-means++. Iṣẹ́ tó ti ń dúró wámúwámú lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́yìn tí ẹ gba ẹ̀dà tuntun, kí ẹ má sì mọ ibi tó ti wá. Ní R náà, `nstart` jẹ́ 1 tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ `random_state=42` tún kù. Ó dáa láti kọ ọ́, kí ẹlòmíràn lè rí ohun tí ẹ rí. Àmọ́ kì í wo àrùn náà sàn, aṣọ ló dà bò ó. Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ èyí tó ń já sí 142.75, 142.75 náà ni ẹ ó máa rí lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa rò pé ó dúró torí pé ó jẹ́ òótọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìfi nọ́ńbà kan dè é, kí ẹ rí bó ṣe ń mì tó. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí ẹ wá dè é.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìgbọ̀nwọ́, àti bó ṣe ń tan èèyàn

Nísinsìnyí a lè béèrè pé mélòó. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á gbìyànjú k láti 1 sókè, wọ́n á ya inertia sórí gíráàfù, wọ́n á wá ibi tí ìlà náà ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́.

```python
from sklearn.metrics import silhouette_score

for k in range(1, 7):
    km = KMeans(n_clusters=k, n_init=50, random_state=0).fit(X)
    s = silhouette_score(X, km.labels_) if k > 1 else 0
    print(k, round(km.inertia_, 1), round(s, 2))
```

Lórí iris, inertia á jẹ́ 681.4 fún k=1, 152.3 fún 2, 78.9 fún 3, 57.2 fún 4, 46.4 fún 5, 39.0 fún 6. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò kì í ṣe ìgbọ̀nwọ́ rárá. Mo máa ń wò ó bóyá ìlà náà gùnkè níbì kan. Bí a bá fi ọ̀wọ́ kan kún un, inertia tó kéré jù lọ kò gbọ́dọ̀ ga sí i láé. Bí tiyín bá ga, tàbí tó ń ṣe ségesège, k-means há síbì kan nìyẹn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ọ̀pọ̀ "ìgbọ̀nwọ́" tí mo ti rí nínú iṣẹ́ àwọn èèyàn, ìgbà kan tí k-means ṣe dáadáa lẹ́bàá ìgbà tí kò ṣe dáadáa ni.

Lẹ́yìn náà ni ìgbọ̀nwọ́. Láti 1 sí 2, ó já 529. Láti 2 sí 3, ó já 73. Láti 3 sí 4, ó já 22. Ẹni tó bá fẹ́ 2 á rí 2, ẹni tó bá fẹ́ 3 á rí 3. Gíráàfù yìí ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Èyí tó tún burú ni pé ìgbọ̀nwọ́ máa ń yọ níbi tí kò sí ọ̀wọ́ kankan. Ẹ rò ó pé ẹ tẹ́ àmì ẹgbẹ̀rún kan sórí ìlà kan ní ìwọ̀n kan náà láti òkèèrè dé òkèèrè, tí kò sí àlàfo, tí kò sí agbo. Bí ẹ bá pín in sí k, inertia á máa já sí ìdá kan nínú k lọ́nà k. Ká pe ti k=1 ní 100: ti 2 á jẹ́ 25, ti 3 á jẹ́ nǹkan bí 11, ti 4 á jẹ́ nǹkan bí 6, ti 5 á jẹ́ 4. Ẹ yà á. Ìgbọ̀nwọ́ tó rẹwà máa wà lórí 2 tàbí 3, bẹ́ẹ̀ dátà náà kò ní ọ̀wọ́ rárá.

Ìdí nìyí tí Robert Tibshirani, Guenther Walther àti Trevor Hastie fi gbé ìwọ̀n gap kalẹ̀ ní 2001. Ọ̀nà wọn ni pé kí ẹ ṣe dátà èké tí òpó kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì parí síbi tí ti dátà yín bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí, ṣùgbọ́n tí wọ́n fọ́n káàkiri láìní agbo. Ẹ fi k-means pín òun náà, kí ẹ wò ó bóyá dátà yín já ju ti èké lọ, àti ibi tí ó ti fi gbà á jù. Kódà bí ẹ ò bá ṣírò rẹ̀ pé pérépéré, ẹ ya ìlà méjèèjì sórí gíráàfù kan. Ìgbọ̀nwọ́ tí ti èké náà bá ní, ẹ má ka á sí.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ló wà lẹ́nu ààlà?

Nọ́ńbà kẹta tí kóòdù òkè yẹn ń tẹ̀ jáde ni ìwọ̀n silhouette tí Peter Rousseeuw kọ ní 1987. Fún òdòdó kọ̀ọ̀kan, ó máa ń béèrè ìbéèrè méjì: báwo ni mo ṣe jìnnà sí àwọn ará ọ̀wọ́ mi sí, báwo ni mo sì ṣe jìnnà sí àwọn ará ọ̀wọ́ tó tẹ̀lé tèmi ní ìsúnmọ́? Bí ti kejì bá ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀, ó ń sún mọ́ 1. Bí wọ́n bá dọ́gba, òdòdó náà jókòó sẹ́nu ààlà, ó jẹ́ 0. Bí ó bá wọ ìsàlẹ̀ 0, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé onílé ló wà.

Lórí iris, ó jẹ́ 0.68 fún k=2, 0.55 fún 3, 0.50 fún 4. Ìyẹn ni pé ó ní 2. Bẹ́ẹ̀ a mọ̀ dájú pé oríṣi mẹ́ta ni wọ́n.

Ṣé irọ́ ló pa? Rárá o. Ohun tó ń wá ni àlàfo, àlàfo kan ṣoṣo ló sì wà. Setosa dá dúró ní tirẹ̀. Versicolor àti virginica wọnú ara wọn: ewé òdòdó versicolor gùn láti 3.0 dé 5.1, ti virginica láti 4.5 dé 6.9. Òdòdó tí ewé rẹ̀ gùn ní 4.8, ti ta ni? Dátà kò lè sọ fún yín. Ẹni tó mọ òdòdó ló máa sọ pé mẹ́ta ni, kì í ṣe ìṣirò.

Ó wà nílẹ̀ kí a tún wo èsì tó dáa jù fún k=3, ìyẹn 78.85. Setosa pé 50 nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì ní 62: versicolor 48, virginica 14. Ọ̀wọ́ kẹta ní 38: virginica 36, versicolor 2. Òdòdó 16 ló ṣì lọ. Èèyàn á fẹ́ sọ pé kí a gbé `n_init` sókè, bóyá á tún dáa sí i. Kò ní í dáa. Bí a bá pín àwọn òdòdó náà gẹ́gẹ́ bí oríṣi wọn gan-an, láìṣì ọ̀kan, inertia rẹ̀ máa jẹ́ 89.30. Ìpín òótọ́ náà burú ju 78.85 lọ lójú k-means! Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, torí pé ó pín àṣìṣe sí ọ̀nà méjì. 142.75 jẹ́ àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀, gbígbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà ló ń wò ó. Òdòdó 16 yẹn jẹ́ àṣìṣe ohun tí a ní kí k-means wá. Agbo róbótó tó sún mọ́ra ló ń wá, oríṣi òdòdó ò sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé òun á rí róbótó. Kò sí iye ìgbà tí ẹ lè ṣe é tí ìyẹn á fi yí.

Àyẹ̀wò kan ṣì wà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju àwọn tó ṣáájú lọ, pàápàá lórí dátà tí kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò nínú dátà, ẹ pín ìyókù, kí ẹ sì wò ó bóyá ìpín náà bá ti gbogbo dátà mu.

```python
import numpy as np
from sklearn.metrics import adjusted_rand_score

def iduro(k, igba=30):
    rng = np.random.default_rng(1)
    odidi = KMeans(n_clusters=k, n_init=50, random_state=0).fit(X)
    r = []
    for _ in range(igba):
        i = rng.choice(len(X), int(0.8 * len(X)), replace=False)
        m = KMeans(n_clusters=k, n_init=50, random_state=0).fit(X[i])
        r.append(adjusted_rand_score(odidi.labels_, m.predict(X)))
    return min(r), np.mean(r)
```

Torí pé `n_init` ti ga níbí, ìyípadà tó bá kù kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ti k ni. Bí k bá ti pọ̀ ju ohun tí dátà ní lọ, àárín tó ṣẹ́kù á wá ibì kan pín sí méjì, kò sì sí ohun tó sọ pé ibi báyìí ni kó pín. Lónìí ó pín versicolor, lọ́la tí a yọ òdòdó díẹ̀ ó pín virginica. Ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù, kì í ṣe agbedeméjì nìkan, torí pé agbedeméjì lè dáa kí ìgbà kan nínú mẹ́wàá sì dàrú pátápátá. Mo máa ń mú k tó tóbi jù lọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, bí iṣẹ́ náà bá fẹ́ ọ̀wọ́ tó pọ̀. Bí kò bá fẹ́, èyí tó kéré tó sì dúró ló tó. Ó kù kí n sọ pé dídúró kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀wọ́ wà: dátà ọlọ́nà gbọọrọ tí kò ní agbo kankan máa ń gba k=2 láìmì, torí pé ibi kan ṣoṣo ló dáa láti gé e.

Ní iris, èmi á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé dátà fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rí hàn fún méjì, àti pé mẹ́ta ni a lò torí pé a mọ òdòdó náà. Ìdáhùn tí ọ̀gá nílò nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: kó má yí lóṣù tó ń bọ̀

Ká ní ẹ ti yan k, tí èsì sì dúró. Dátà tuntun á dé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ má tún k-means ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ bí kò bá pọn dandan. Ẹ pa àwọn àárín mọ́, kí ẹ fi `predict` pín àwọn tuntun sọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá di dandan kí ẹ tún un ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn àárín ti tẹ́lẹ̀, kí ọ̀wọ́ àtijọ́ lè máa sún díẹ̀díẹ̀ dípò kó fò:

```python
tuntun = KMeans(n_clusters=3, init=km3.cluster_centers_,
                n_init=1).fit(X_tuntun)
```

`km3` ni èyí tí ẹ ti pa mọ́. Nọ́ńbà ọ̀wọ́ náà á dúró síbi tó wà báyìí, torí pé àárín kìíní ṣì ni àárín kìíní. Ẹ kàn máa fi inertia rẹ̀ wé ti èyí tí ẹ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `n_init=50` lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ti èyí tí ẹ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ bá fi díẹ̀ kéré jù ú, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ dúró bó ṣe wà. Bí ó bá fi púpọ̀ kéré jù ú, dátà ti yí padà lábẹ́ yín, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin kí ẹ tún béèrè pé mélòó.